Ìró ìparí kọ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ewì, bọ́tìnì Ẹ́ńtà náà kọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde, ìjà la gbé wá lónìí, a ò ní purọ́.

Ní sáà tó kọjá, ọ̀kan nínú wa kọ ewì kékeré kan, ó fi í sílẹ̀ fún ìdíje. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ geere ni èyí, ẹ kàn gé e wẹ́wẹ́ ni." Ẹ̀sùn wọn ni pé ìparí àwọn ìlà náà kò dún bákan náà, iye sílébù wọn kò sì dọ́gba. Inú bí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ fèsì, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu ni pé, "Ewì olómìnira ni, bó bá ṣe wu akéwì ló lè gé e." Èsì yẹn burú ju ẹ̀sùn náà lọ. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe wù ú ló gé e lóòótọ́, a jẹ́ pé wọ́n jàre wa.

Ewì náà nìyí. Akéwì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa:

Bàbá wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ìlú Ọba.
Ó kọ
ìwé mẹ́ta sí wa.
Ó kọ

ìyá wa.

Ẹ kọ́kọ́ kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn: Bàbá wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ìlú Ọba. Ó kọ ìwé mẹ́ta sí wa. Ó kọ ìyá wa. Ọ̀rọ̀ kan ò yọ, ọ̀rọ̀ kan ò wọlé. Ìròyìn ìbànújẹ́ ni, a gbọ́ ọ, a kọjá. Ẹ wá padà sí bí akéwì ṣe tò ó, kí ẹ sì dúró díẹ̀ níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá ti parí. Kí ló yí padà?

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Kọ tàkọ́kọ́ ni ti ìwé kíkọ, ohùn àárín ló ní láti ilé wá. Kejì ni kọ̀, ti ìkọ̀sílẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé wọn, a máa ń dá wọn mọ̀: "ó kọ ọ́" kì í ṣe "ó kọ̀ ọ́." Ṣùgbọ́n gbogbo wa la kọ́ ọ ní kíláàsì pé bí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ bá gba ọ̀rọ̀-orúkọ ní àbọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín. Nítorí náà "kọ ìwé" àti "kọ ìyá" kò ní ìyàtọ̀ kankan títí àbọ̀ wọn yóò fi dé.

Ibẹ̀ gan-an ni akéwì fi ọ̀bẹ sí. Nígbà tí a dé "Ó kọ" kejì, a ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, ìwé mẹ́ta ló sì tẹ̀ lé e. À ń retí ìwé kẹrin. Ìlà náà parí lórí ìrètí yẹn. Lẹ́yìn náà ni àlàfo: ìlà kan gbáko tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ojú funfun yẹn ni iye ìgbà tí àwọn ọmọ fi dúró de ìwé tí kò dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni "ìyá wa" wá bọ́ lé wa láyà, ìgbà yẹn la sì tó mọ̀ pé kọ ti yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Ká ní "Ó kọ̀" ló fi parí ìlà náà ni, ilẹ̀kùn ì bá ti tì: ó kọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ká sì ní ó kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i ni, a lè rò pé ó kọ́ ilé ni. Nínú irú ewì yìí, ẹni tó bá yọ àmì ohùn ti yọ ìlà náà.

Ìlù inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ ka sílébù: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, méjì, mẹ́fà, méjì, mẹ́ta. Wọn kò dọ́gba, wọn kò sì ní láti dọ́gba. Ìlà àkọ́kọ́ gùn bí ìrìn àjò náà. Lẹ́yìn rẹ̀, "Ó kọ" wá lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ sílébù mẹ́fà, etí wa sì ń retí mẹ́fà mìíràn. Mẹ́ta péré ló dé. Àìpé yẹn ni ìlù náà.

Àwọn kan á ní etí ni Yorùbá fi ń gbọ́ ewì, pé àlàfo orí ìwé kò kàn wá. A ò gbà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ láìdúró, ìpàrójẹ á wọ̀ ọ́: "kọ ìwé" á di "kọ̀wé," "kọ ìyá" á di "kọ̀yá." Bí a bá dúró ní ìparí ìlà, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ náà á padà wá odindi: ìwé, ìyá. Ẹni tí kò rí ìwé náà rárá á gbọ́ ibi tí ìlà ti gé.

Ta ló tilẹ̀ sọ fún wa pé ìró ìparí ni òfin ewì? Inú ewì Gẹ̀ẹ́sì tí a há sórí ní ilé ẹ̀kọ́ la ti kọ́ ọ. Àwọn ìjálá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1966 kò fi ìró ìparí ṣe ìpìlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní ọ̀rọ̀ geere. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níhìn-ín. Ẹni tó kọ ìjálá sílẹ̀ ló pín in sí ìlà, kì í ṣe ọdẹ tó sun ún. Ẹlòmíràn lè pín in lọ́nà mìíràn. Èémí àti àwítúnwí la fi ń ka irú ìyẹn. A kò gbọdọ̀ di ẹrù àlàfo lé ọdẹ lórí.

Ó wá ku àwa fúnra wa. Kí akéwì wa tó dé ibi tí ẹ rí yìí, báyìí ni àkọ́kọ́kọ rẹ̀ ṣe rí:

Ó kọ ìwé
mẹ́ta sí
wa. Ó kọ ìyá
wa.

Èyí gan-an ni ẹ̀sùn yẹn bá mu. Lóòótọ́, "sí" fì sí ìparí ìlà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ṣiyèméjì nípa "wa" tó ń bọ̀. "Kọ" àti "ìyá" wà lórí ìlà kan náà, nítorí náà àṣírí ti tú kí a tó lè retí ohunkóhun. Bí ẹ bá sún gbogbo ìlà náà sí ibòmíràn, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Ìdí tó fi yẹ ká tún un kọ nìyẹn, a sì rí irú rẹ̀ púpọ̀ láàárín wa.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèdájọ́ kò pọ̀. Kí ẹ tó pe ewì ní ọ̀rọ̀ geere, ẹ pa á pọ̀, ẹ kà á sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ sún ìlà kan ṣoṣo, ẹ tún un kà. Bí kò bá sí ohun tó sọnù, ẹ dá a padà, a ò ní bínú. Bí nǹkan bá sọnù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ nǹkan náà sábẹ́ rẹ̀ dípò gbólóhùn yẹn. Àwa náà ti gbà láàárín ara wa pé ẹni tí kò bá lè sọ ìdí tó fi gé ìlà kò gbọdọ̀ fi ewì rẹ̀ ránṣẹ́.

Akéwì wa yóò tún fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní sáà yìí. Kò ní fi ìró ìparí kankan kún un.