Nígbà Tí Ara Ọmọ Bá Sú: Kí Ni Ọwọ́ Yín Bá Níbẹ̀?



Ìyàwó kan ní Ajégúnlẹ̀ rí i pé ara ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbóná. Ní ọjọ́ kejì, ara ọmọ náà sú. Ó sáré lọ sí kẹ́míìsì, ó ní, “Ìgbóná ti mú ọmọ mi.” Olóògùn náà kò rí ọmọ, oògùn èéyi ni ó dì fún un. Nígbà tí ó di alẹ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì fóònù ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tí ń gbé ní Àpápá.

Nọ́ọ̀sì náà dáhùn pé, “Ìyàwó wa, orúkọ àìsàn kọ́ ni mo ń béèrè. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbé ọmọ náà súnmọ́ fèrèsé, kí o di ojú rẹ, kí o sì rọra fi ìka ra ara rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá bá ni kí o wá sọ fún mi.”

Ìbéèrè yìí bọ́gbọ́n mu. Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, ìgbóná ni a fi ń pe ṣọ̀pọ̀ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọdún 1980 pé ṣọ̀pọ̀ná ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a lọ. Títí di òní, a ń fi í pe oríṣiríṣi àìsàn tí kò bá ara wọn tan. Bákan náà, kí a sọ pé ara ọmọ pọ́n kò tó, nítorí pé pupa kì í hàn dáadáa lára aláwọ̀ dúdú. Ọwọ́ ni ó ń rí ohun tí ojú kò rí.

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ẹ nílò. Bí ojú bá rí àmì ṣùgbọ́n tí ìka kò mọ̀ ọ́n, ó *tẹ́jú*. Bí ìka bá kọ́ ọ lórí, ó *yọ kókó*. Bí ó bá ní omi nínú, *iléròrò* ni. Bí awọ ojú rẹ̀ bá ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ti ara ẹja, ó ní *ìpẹ́*, gẹ́gẹ́ bí làpálàpá ti máa ń ní ní etí rẹ̀. Bí omi ojú rẹ̀ bá gbẹ, tí ó sì le, ó ti ní *èépá*.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó náà tún fóònù. “Àǹtí mi, àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tẹ́jú, àwọn kan yọ kókó, àwọn mìíràn jẹ́ iléròrò, méjì sì ti ní èépá.” Kíá ni nọ́ọ̀sì náà fura sí ṣíkìnpọ́ọ̀sì, nítorí pé àmì rẹ̀ máa ń jáde ní ìpele-ìpele, tí ọ̀tun àti ògbólógbòó á fi wà lára lẹ́ẹ̀kan náà. Èéyi kò rí bẹ́ẹ̀. Ikọ́, ikun imú àti ojú pípọ́n ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Àmì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí àti ẹ̀yìn etí, ó sì máa ń tẹ́jú ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í sì í di iléròrò.

Nọ́ọ̀sì náà wá béèrè bóyá aboyún wà nínú ilé náà. Aboyún olóṣù márùn-ún ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, wọ́n sì jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì lè ṣe aboyún tí kò ṣe é rí léṣe gidigidi, àti ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé ìtọ́jú ààbò tí a lè fún irú rẹ̀ kì í fẹ́ ìdádúró.

Fún ọmọ náà, wọ́n gé èékánná rẹ̀, wọ́n fi kalamáìnì pa á lára, wọ́n sì fún un ní parasítámọ́ọ̀ ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Wọn kò fún un ní asipirín, nítorí pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ tí ó ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì jẹ́. Ìgbà wo ni yóò padà sí ilé ẹ̀kọ́? Ìgbà tí iléròrò tí ó kẹ́yìn bá ti ní èépá, tí òmíràn kò sì yọ mọ́. Ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n èépá ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Bí èépá bá tutù, tí ó ní àwọ̀ oyin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú tí ó sì gbóná, kòkòrò mìíràn ti wọ̀ ọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí iléròrò bá le lọ́wọ́, tí ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, ẹ sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí mọ́ńkìpọ́ọ̀sì, tí ó tún yọjú ní Nàìjíríà ní ọdún 2017. Bí àmì tí ó tẹ́jú kò bá parẹ́ nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, tí ara ọmọ sì ń gbóná, ẹ má ṣe dúró fóònù ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀ kan náà.