Kólọ̀nù tí Wọn Kò Rí Lórí Fóònù

Ní sáà tó kọjá, ọmọ kíláàsì mi kan já wọ yàrá mi ní Ìjagun, ó ní kí n wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Excel ti bá a ṣírò GPA rẹ̀, ó sì fún un ní 14. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé 5 ni òpin. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí, àfi ìgbà tó ní fídíò tí èmi fúnra mi ṣe, tí mo jù sórí WhatsApp kíláàsì wa, ni òun wò tí òun fi ṣe é.

Fọ́múlà tí mo tẹ̀ nínú fídíò náà nìyí. Yúníìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wà ní òpó B, pọ́ìntì rẹ̀ (A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) wà ní òpó C:

```
=SUMPRODUCT(B2:B9,C2:C9)/SUM(B2:B9)
```

Èyí tí òun tẹ̀ nìyí:

```
=SUMPRODUCT(B2:B9,C2:C9)/SUM(B2,B9)
```

Kọ́ọ̀sì 8 ló ní, yúníìtì gbogbo wọn jẹ́ 18. Tí a bá fi yúníìtì kọ̀ọ̀kan lọ́po pọ́ìntì rẹ̀, tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 70. Kólọ̀nù ń sọ fún Excel pé kó ro gbogbo ohun tó wà láti B2 títí dé B9. Kọ́mà ń sọ pé B2 àti B9 nìkan, ìyẹn 3 àti 2. Nítorí náà, dípò kó fi 18 pín 70, ó fi 5 pín in. Excel kò pariwo, kò ní àṣìṣe wà níbì kankan, torí fọ́múlà kejì náà tọ̀nà lójú tirẹ̀.

Mo padà wo fídíò mi. Ní apá àkọ́kọ́, mo ka fọ́múlà náà síta: "B2 dé B9". Nígbà tí mo dé ìparí, ohun tí mo sọ ni "a wá ṣe SUM níbí". Níbí wo? Ẹni tó ń wò ó kò gbọ́ nǹkan kan, kò sì rí nǹkan kan, ó bá méfò.

Àwọn kan máa ń sọ pé súúmù àti àmì tó ń tàn yí ọfà máòsì ká jẹ́ fáàrí àwọn tó ń wá fọ́lówà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti yí èrò padà, ìṣirò kékeré kan ló sì yí mi padà. Ojú kọ̀mpútà alágbèéká mi, oní-ínǹṣì 15.6, fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 34. Fóònù tí a dì mú lóòró fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Gbogbo ohun tí mo bá gbà sílẹ̀ lójú kọ̀mpútà ni yóò kéré ní ìlọ́po márùn-ún kó tó dé ojú ẹni tó ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà tó ga ní mìlímítà 3 yóò di 0.6. Ta ni yóò mọ kólọ̀nù yàtọ̀ sí kọ́mà níbẹ̀? Ẹ má sọ pé kí wọ́n dá fóònù ní ìbú. A mọ ara wa.

Súúmù kò lè dá gbogbo rẹ̀ tún ṣe o. Fídíò tí mo gbà ní 1920 sí 1080, tí mo sì fẹ́ gbé jáde ní 1280 sí 720 nítorí dátà, kò ṣeé fẹ̀ ju ìlọ́po 1.5 lọ kí àwòrán tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, torí 1920 jẹ́ 1280 lọ́nà 1.5 géérégé. Tí o bá fẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ńṣe lo ń na píksẹ́lì tí kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, inú Excel fúnra rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: di Ctrl mú, kí o yí kẹ̀kẹ́ máòsì títí yóò fi dé nǹkan bí 200%. Sẹ́ẹ̀lì yóò tóbi ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìlà òkè tí Excel ti ń fi fọ́múlà hàn kì í tóbi pẹ̀lú rẹ̀, torí náà inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni kí o ti tẹ̀ ẹ́, má tẹ̀ ẹ́ lókè. Lẹ́yìn èyí, fi 150% kún un nínú Shotcut, lábẹ́ Size, Position & Rotate. Méjì lọ́nà 1.5 jẹ́ 3. Lẹ́tà tí ì bá jẹ́ 0.6 di mìlímítà 1.8, ojú sì lè kà á.

Nígbà tí mo mọ èyí tán, àṣejù dé. Ẹ̀dà kejì fídíò mi súnmọ́, ó padà sẹ́yìn, ó tún súnmọ́, ní ìgbà 21 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹnì kan ní ó ń yí òun lójú bí ẹni tó wọ ọ̀kadà tí kò ní búrẹ́kì. Nínú ẹ̀dà kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo lò ó, níbi tí èèyàn ti ní láti ka nǹkan. Mo jẹ́ kí sísúnmọ́ náà gba bí ìṣẹ́jú àáyá kan, mo sì jẹ́ kí àwòrán dúró ṣinṣin títí tí mo fi ka fọ́múlà náà tán. Ẹ rántí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba ọdún 2024. Èrò pọ̀ ní pápá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ya fọ́tò mọ ẹni tó yẹ kí ojú wa bà lé.

Ti ọfà máòsì rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. PowerToys ti Microsoft, ọ̀fẹ́ ni, ní ohun tí wọ́n ń pè ní Mouse Highlighter. Tẹ Windows + Shift + H, bí o bá ti tẹ máòsì lápá òsì, àmì róbótó aláwọ̀ yẹ́lò yóò yọ. Lápá ọ̀tún, búlúù. Mi ò fara mọ́ kí ó máa tàn ní gbogbo ìgbà, torí ojú yóò máa tẹ̀lé e kiri dípò kó ka ohun tó wà níbẹ̀. Kó yọ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ti tó. Bí o bá sì ń tẹ fọ́múlà lọ́wọ́, gbé ọfà kúrò lórí rẹ̀.

Ohùn ló kù, òun ló sì le jù fún wa níbí, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kì í sinmi. Mo jáwọ́ nínú kí n máa sọ̀rọ̀ kí n sì máa tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ni mo ń kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, ní ìdájí, lórí fóònù tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ní ìwọ̀n ìka-ń-ka kan, kí èémí má baà máa lù ú. Lẹ́yìn náà, mo fi iapíìsì sétí, mo ń gbọ́ ohùn ara mi, mo sì ń ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe, bí OBS Studio ṣe ń gba ojú kọ̀mpútà sílẹ̀. Èyí máa ń tú àṣírí "níbí" àti "ibí yìí" gbogbo: bí mi ò bá mọ ibi tí máòsì yẹ kó lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ara mi, ẹlòmíì kò ní mọ̀. Kí ẹ fi OBS sí MKV, kì í ṣe MP4 lásán, kí iná tó lọ lójijì má baà gbé gbogbo fáìlì lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́, Remux Recordings yóò sọ ọ́ di MP4.

Mo fi ẹ̀dà kẹta ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi náà. Ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ sí 3.89. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni òun fẹ́ràn jù.