Kò sẹ́ni tó jí wíwò yín: orúkọ kan ni wọ́n fún nǹkan méjì

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gbé fídíò kúkúrú sórí Yútúùbù. Àwọn kan ní wọ́n ń jí wíwò àwọn. Àwọn mìíràn ní èdè wa ló fà á, pé ká ní Faransé làwọn fi sọ ọ́ ni, gbogbo ayé ì bá ti wò ó. Èmi ò gba ìkíní, mi ò sì gba ìkejì. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Fídíò gígùn, ẹni tó fẹ́ ẹ ló ń wá a. Ó rí àwòrán rẹ̀, ó ka àkọlé rẹ̀, ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Fídíò òòró kúkúrú, èyí tí Yútúùbù ń pè ní Shorts, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá èèyàn. Èèyàn ń fi ìka ti ojú fóònù sókè, fídíò yín yọ, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ kí onítọ̀hún tó mọ̀ bóyá òun fẹ́ ẹ. Ẹni tó kanlẹ̀kùn wọlé àti ẹni tó gba iwájú ilé kọjá, a kì í kà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n "wíwò" kan náà ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì.

Ibi tí gbọ́nmi-si-omi-ò-tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹni tó bá rí fídíò kúkúrú ní láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kí Yútúùbù tó kà á. Àwọn tó fi ìka tì í kọjá lójú ẹsẹ̀ kò sí nínú iye náà. Láti ọjọ́ náà wá, bí fídíò kúkúrú bá ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n ti kà á. Bó bá parí tó sì tún bẹ̀rẹ̀ lójú ẹni kan náà, wọ́n tún kà á. Kò sí ìṣẹ́jú-àáyá kankan tí èèyàn gbọ́dọ̀ dúró. Yútúùbù ṣe é kí ìṣirò rẹ̀ lè sún mọ́ ti Tíkítọ́ọ̀kì àti Ínsítágíráàmù.

Ṣùgbọ́n ìṣirò àtijọ́ kò kú. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí "Engaged views", wọ́n sì gbé e sínú Analytics, níbi tí ẹni tó bá lọ sí "Advanced mode" ti lè rí i. Ìṣirò àtijọ́ yìí náà ni wọ́n ṣì fi ń san owó, òun náà ni wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹnì kan tó láti di alájọṣe wọn. Nítorí náà, iye tí gbogbo ayé ń rí lábẹ́ fídíò kọ́ ni iye tó ń bá owó rìn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ọmọ Kambolé kan ya fídíò ìṣẹ́jú-àáyá 40 nípa bí wọ́n ṣe ń gún iyán. Iye tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1,200. Ó wọ Analytics, ó rí 410 ní Engaged views, ó sì pariwo pé wọ́n ti jí 790 lọ. Kò sẹ́ni tó jí i. Ìgbà 790 ni fídíò náà bẹ̀rẹ̀ tí ẹni tó rí i kò dúró.

Ọmọ yìí kan náà ní fídíò gígùn ìṣẹ́jú 12 kan tí àwọn èèyàn wò ní ìgbà 300 péré, ó sì ń tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá wo ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú 1,200 nìyẹn, ìyẹn wákàtí 20. Bí fídíò iyán bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 12 lójú ẹni kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó ń fi yangàn kò tó ìdá mẹ́rin èyí tó ń tijú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bẹ́ẹ̀ wákàtí mẹ́rin yẹn pàápàá kò ní wúlò fún wákàtí tí Yútúùbù ń bi wá. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìpolówó gbọ́dọ̀ ní olùtẹ̀lé 1,000, kó sì ní wákàtí 4,000 láàárín oṣù 12, tàbí wíwò fídíò kúkúrú mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Wákàtí tí wọ́n fi wo fídíò kúkúrú bó ṣe ń yọ lójú fóònù kò sí nínú 4,000 yẹn. Mílíọ̀nù 10 náà sì rèé, Engaged views ni wọ́n fi ń kà á.

Ẹ wá wo ti Wásáàpù. Níbi tí owó dátà ti ń gúnni lára, ẹnì kan ló máa ń gba fídíò sílẹ̀, á sì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìdílé, ẹgbẹ́ ọjà, ẹgbẹ́ àwọn tó wà nílùú òkèèrè. Igba èèyàn lè wò ó bẹ́ẹ̀. Yútúùbù ò ní mọ ẹyọ kan nínú wọn, torí inú fóònù ni fídíò náà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kà á, ìlíǹkì ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Dátà ẹni tó máa wò ó ni yóò jẹ, mi ò ní tàn yín, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ò sí.

Ó wá ku èdè tẹ́ ẹ fẹ́ dá lẹ́bi. Analytics máa ń fi iye ìgbà tí wọ́n gbé fídíò kúkúrú síwájú èèyàn hàn, pẹ̀lú ìdá àwọn tó dúró àti àwọn tó tì í kọjá. Bí wọ́n bá gbé e síwájú èèyàn púpọ̀ tí ọ̀pọ̀ tì í kọjá, ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ṣé ìkíni gígùn ló gba àáyá márùn-ún àkọ́kọ́? Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó rí i dúró dáadáa, ṣùgbọ́n tí àwọn tí wọ́n fi hàn kò pọ̀, ẹni tó gbọ́ èdè wa kò sá fún un nìyẹn. Wọn ò tíì gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Ẹni tí kò yẹ iye méjèèjì yìí wò, tó sáré lọ sọ Faransé, èdè aláìṣẹ̀ ló lé jáde nílé.

Mi ò ní Yútúùbù ò jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi. Ó yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lójú kan náà, ó sì gbé iye tó bá owó rìn pamọ́ sí yàrá inú. Ẹni tó bá fi fídíò ọdún 2024 wé ti òní, òṣùwọ̀n méjì ló ń lò láìmọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ta wíwò fún àwọn ọmọ wa jẹ̀bi jù ú lọ. Kí fídíò kan bẹ̀rẹ̀ lójú fóònù tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, kò ṣòro rárá. Iye abẹ́ fídíò lè gòkè fún ọjọ́ díẹ̀, Yútúùbù sì lè yọ ọ́ kúrò bó bá rí i. Wọn kì í kà á mọ́ ti alájọṣe. Sẹ́fà yín ló lọ yẹn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kọ "wọ́n ti jí mi" síbí lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wọ Analytics, ẹ ka Engaged views, ẹ ka wákàtí, kẹ́ ẹ wá fi iye náà hàn wá. Ẹni tó bá ní èsì tó tako tèmi, kó gbé e wá pẹ̀lú iye. Ara ò ní bù mí.