Ẹ yé bẹ ẹ̀ka àkáǹtì, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ọjà fún iléeṣẹ́ ńlá, tí owó yín wá há síbẹ̀ fún oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ó lè má dùn mọ́ yín. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ń béèrè owó yẹn wà lára ohun tó ń dá owó yín dúró.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó sí ẹ̀ka àkáǹtì iléeṣẹ́ kan l'Ékòó (mi ò ní dárúkọ wọn). Lára iṣẹ́ mi ni kí n máa ka lẹ́tà àwọn tá a jẹ lówó. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́ nìyí: “Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń rán yín létí owó ọjà tí mo gbé wá láìpẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ti fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́, báńkì náà ò sì jẹ́ kí n sinmi.” Ìpínrọ̀ mẹ́rin gbáko, àdúrà wà nínú ẹ̀, kò wá sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀ àfi ti fóònù.

“Láìpẹ́ yìí” wo? Ọjà wo? Èèyàn kan náà lè ti gbé ọjà wá lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́dún yẹn.

Àánú máa ń ṣe wa o, èèyàn ni wá. Ṣùgbọ́n àánú ò ṣeé so mọ́ fáọ́ṣà. Kí owó tó jáde, ìwé mẹ́ta gbọ́dọ̀ bára mu: ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ fi ra ọjà, ìwé tí sítọ̀ kọ nígbà tí ọjà wọlé, àti ínfọ́ìsì tí ẹ̀yin fi béèrè owó. Kí la ní kí ẹ gbé wá? Kí lẹ gbé wá lóòótọ́? Èló lẹ ń béèrè? Tí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló máa dá a dúró. Akọ̀wé tó bá fi agídí tì í kọjá, òun ni ọ́dítọ̀ máa pè lọ́la. Ta ló fẹ́ torí yín jìyà?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo ti yí àwọn nọ́ńbà ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ gan-an nìyí. Bàbá kan ń rán aṣọ iṣẹ́ fún wa. Àṣẹ tá a fún wọn jẹ́ aṣọ 120, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦15,000, àpapọ̀ ₦1,800,000. Wọ́n gbé 112 wá lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ fún gbogbo 120. Ọjọ́ 20 ni wọ́n tó gbé mẹ́jọ tó kù wá.

Ṣé ẹ ti rí ibi tó ti bà jẹ́? Ìwé sítọ̀ sọ pé 112, ìyẹn ₦1,680,000. Ínfọ́ìsì ń béèrè ₦1,800,000. Ìyàtọ̀ ₦120,000 ló dá gbogbo owó náà dúró. Àwọn mẹ́jọ yẹn ní ìwé tiwọn ní sítọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ò kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ sí i, ló bá dá wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wá a.

Lẹ́tà mẹ́ta ni bàbá yẹn kọ, ẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó bá ṣí fáìlì náà á rí i pé iye ò bára mu, á ní kóun béèrè lọ́wọ́ sítọ̀, fóònù á dún, á pa fáìlì dé. Bó ṣe di oṣù Kẹjọ nìyẹn.

Ọmọ wọn obìnrin ló kọ ìkẹrin. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

“Ínfọ́ìsì wa INV-031, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 2025, ₦1,800,000. Ìwé àṣẹ yín LPO-0417, ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2025.

“Ẹ̀ẹ̀mejì la gbé ọjà yìí wá. Aṣọ 112 wọlé lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta pẹ̀lú wébíìlì wa 212. Aṣọ 8 wọlé lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta pẹ̀lú wébíìlì wa 219. Sítọ̀ yín fọwọ́ sí méjèèjì. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 120, bó ṣe wà nínú ìwé àṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ so ìwé sítọ̀ ti ọjọ́ 20 mọ́ LPO-0417, kí ẹ sì san INV-031. Àkáǹtì wa ṣì ni èyí tó wà lórí ínfọ́ìsì náà.

“A so ìwé mẹ́rin mọ́ ọn: (1) LPO-0417, (2) INV-031 tó ní òǹtẹ̀ yín ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, (3) wébíìlì 212, (4) wébíìlì 219.”

Ó tán. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ àfi “ẹ jọ̀wọ́” kan. Mo gbé wébíìlì 219 lọ sí sítọ̀, wọ́n rí ìwé wọn ti ọjọ́ 20, wọ́n kọ nọ́ńbà àṣẹ sí i. Iye bára mu, fáọ́ṣà jáde. A ò pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù.

Ẹ wo ohun tó ṣe dáadáa. Ó sọ fún wa ohun tá a máa ṣe, kò kàn sọ pé ẹ sanwó. Ó kọ orúkọ oṣù, nítorí tó bá kọ 3/4, ẹnìkan á kà á sí ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, ẹlòmíì á kà á sí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Ó tọ́ka sí òǹtẹ̀, torí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ọjọ́ tí ínfọ́ìsì dé ọwọ́ wa la ti ń ka 30 ọjọ́, a kì í ka ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ síra ẹ̀. Ó tún fi nọ́ńbà sí àwọn ìwé tó so mọ́ ọn. Tí sítépù bá já tí ìkẹrin sì bọ́ sọnù, ẹni tó bá kà á á mọ̀ pé ó sọnù, á sì mọ èyí tó yẹ kó béèrè.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì yẹn náà o! Ẹ má fi àkáǹtì tuntun sínú lẹ́tà ìbéèrè owó láéláé. Ọgbọ́n àwọn gbájúẹ̀ nìyẹn, iléeṣẹ́ tó bá gbọ́n á sì dá gbogbo ẹ̀ dúró títí wọ́n á fi wádìí yín. Tí ẹ bá pààrọ̀ báńkì, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni ẹ kọ, kí ẹ kọ́kọ́ parí ìyẹn.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Ẹni tó mọ èèyàn ló ń gbowó.” Ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni yín tó wà nínú ilé yẹn, kí lẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ bi yín? Nọ́ńbà ínfọ́ìsì ni. Tí iléeṣẹ́ náà ò bá sì lówó nílẹ̀, lẹ́tà kankan ò lè bí owó. Ohun tí lẹ́tà yìí máa ṣe ni pé wọn ò ní lè sọ mọ́ pé “a ò rí ìwé yín.” Wọ́n á ní láti sọ ìdí gan-an.

Ẹ̀yin iléeṣẹ́ náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ̀ ń fi nọ́ńbà ìwé sítọ̀ yẹn da fáọ́ṣà dúró, ẹ ò sì jẹ́ kí ẹni tó gbé ọjà wá ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ tọ́ka sí ohun tí ẹ fi pamọ́ fún un? Ẹ̀bi yín nìyẹn, kì í ṣe tiwọn.

Títí wọ́n á fi ṣàtúnṣe, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ọjà, ẹ má kúrò ní gééètì láìjẹ́ pé sítọ̀ ti kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ àti ọjọ́ sórí wébíìlì yín, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀ níbẹ̀.