Bí Ẹ̀fẹ̀ Bá Kú Mọ́ Ọ Lẹ́nu Ní Asẹ́ńbílì

Ọ̀rọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ la fi ń parí ìròyìn. Nígbà míì, òǹkàwé á ṣe ẹ̀fẹ̀ ẹ̀ tán, kò ní sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo pápá á pa lọ́lọ́. Èrò tèmi ni pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, àti pé ẹni tí kò bá mọ èyí tó wà níwájú ẹ̀ lè fi àtúnṣe ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ju ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún lọ.

Mi ò sọ pé kò dunni o. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Gíróníńgẹ̀n, ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, kọ ọ́ pé bí ìdákẹ́jẹ́ bá wọ àárín ọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 4 péré, ó tó láti mú kó dà bíi pé àwọn èèyàn ò fẹ́ni láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí òǹkàwé fi máa ń sáré sọ ohunkóhun tó bá ti wá sí i lẹ́nu. Kó tó sáré, kó kọ́kọ́ wo ojú èèyàn.

Bí àwọn tó wà lẹ́yìn bá ń na ọrùn, tí wọ́n ń bi ara wọn pé "Kí ló wí?", wọn ò gbọ́ ni. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Èyí nìkan ló yẹ kéèyàn tún sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó rinlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí wọ́n bá ń pòṣé, tàbí tí wọ́n ń bá a sọ ìparí ẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ọ rí ni. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀fẹ̀ odi Jẹ́ríkò. Tíṣà béèrè pé ta ló wó odi Jẹ́ríkò, ọmọ kíláàsì dáhùn pé, "Kì í ṣe èmi o, sà!" Àwọn òbí wa pàápàá ti rín ẹ̀rín èyí tán. Bí òǹkàwé bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé "Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọmọ náà rò pé wọ́n fẹ̀sùn kan òun," ó ti sin ín nìyẹn. Ohun tí mo rí tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kó gbà á ní gbólóhùn kan: "Ẹ má bínú, ẹ̀rín yín ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọkọ̀ ẹ̀ ló bà jẹ́ lọ́nà." Bí wọ́n rẹ́rìn-ín, bí wọn ò rẹ́rìn-ín, kó kí wa pé ó dàbọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Tó bá sọ nípa ọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì, òun náà á kú.

Ìkẹta ló le jù. Bí ojú gbogbo èèyàn bá yí sí ẹnì kan, tàbí tí wọ́n ń wolẹ̀, ẹ̀fẹ̀ náà ti ba ẹnì kan nìyẹn. Kò sí ẹ̀fẹ̀ tó ń tún èyí ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa, mo yọ ọ́ kúrò," ti tó. Lẹ́yìn asẹ́ńbílì, kó wá ẹni náà lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí tó ti ń di àṣà láàárín wa. Bí ẹ̀fẹ̀ bá ti kú, òǹkàwé á wá ọmọ kékeré kan níwájú, á fi orí tàbí bàtà ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín á sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló san owó ẹ̀. Ní tààmù tó kọjá, wọ́n ṣe é fún ọmọ Jẹ́eẹ́sì Wáàn kan. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀yìn àwa àgbà ló ń tò sí. Mo rọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa pé ká fòfin de èyí: ẹni tó bá ṣe é, kó má kàwé ìròyìn mọ́ ní tààmù yẹn.

Àwa tó ń gbọ́ náà níṣẹ́ tiwa. Nínú àlọ́, bí apàlọ́ bá ní "Ààlọ́ o," a kì í dákẹ́ mọ́ ọn lórí, ṣe la máa ń dáhùn pé "Ààlọ̀!" A ò ní rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá ti gbà pé ẹ̀fẹ̀ òun kú, ẹ jẹ́ ká yéé hó lé e lórí, kó lè ráyè sọ̀ kalẹ̀.