Yíyọ àpótí lẹ́tà kúrò kò pa gbogbo nǹkan rẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àwọn bá ti tẹ «Supprimer le compte» lórí fóònù, gbogbo lẹ́tà àwọn ti parẹ́. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì lè pa ènìyàn lára.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan tí ó fẹ́ ta fóònù rẹ̀. Wọ́n ti so ìwé ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ lẹ́tà kan, ó sì ti gbà á sílẹ̀. Ó yọ àpótí lẹ́tà rẹ̀ kúrò. Lẹ́tà náà kò sí lórí fóònù mọ́, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ ṣì wà nínú «Téléchargements». Ẹni tí ó bá ra fóònù náà lè kà á.

Lẹ́tà ńkọ́? Bí àpótí náà bá jẹ́ ti IMAP, ẹ̀dà lásán ni ó wà lórí fóònù; ojúlówó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú lẹ́tà. Ti POP lè yàtọ̀. Bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ pé kí lẹ́tà kúrò lọ́hùn-ún nígbà tí fóònù bá ti gbà á, ti orí fóònù nìkan ni ó kù. Ìyẹn ni yóò sọnù pátápátá. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà inú «Boîte d'envoi» tí kò tíì lọ.

Lójú tèmi, kí ọkùnrin náà kọ́kọ́ ṣí àpótí rẹ̀ lórí fóònù mìíràn. Bí kò bá rí lẹ́tà rẹ̀ níbẹ̀, kí ó má tíì yọ ọ́. Bí ó bá rí i, kí ó da ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kọ síbòmíràn, kí ó sì pa èyí tí ó wà nínú «Téléchargements» rẹ́ kí ó tó ta fóònù.