Àìsàn Lè Jẹ́ Òótọ́, Kí Àkáǹtì Jẹ́ Irọ́

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú àwọn gúrúùpù WhatsApp tí a wà ní Satellite Town níbí, ti àdúgbò, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti àwọn tí a jọ kàwé, kì í pẹ́ kí fọ́tò ọmọ tó ń ṣàìsàn tó tún wọlé. Ojú ọmọ á wú, rọ́bà á wà nímú rẹ̀. Wọ́n á ní owó iṣẹ́ abẹ ku mílíọ̀nù mélòó kan, pé ọjọ́ méjì péré ló kù. Nọ́ńbà àkáǹtì á wà nísàlẹ̀. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Forwarded as received".

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn gan-an la fẹ́ bá jà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, "Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má bi mí." Bí ó bá sì ti wọlé báyìí, gúrúùpù á pín sí méjì. Àwọn kan á sanwó lójú ẹsẹ̀, àwọn kan á pariwo pé jìbìtì ni. Àwọn méjèèjì ò yẹ nǹkan kan wò. Ìbéèrè kan náà ló wà lọ́kàn wọn: ṣé ọmọ yìí ń ṣàìsàn lóòótọ́? Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé, ọwọ́ ta ni owó yìí máa bọ́ sí?

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú wa rí lọ́dún tó kọjá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé, àwa mélòó kan tó ń kọ sọ́fítíwíà sì ní ká wò ó dáadáa. Àkọ́kọ́, a tẹ nọ́ńbà àkáǹtì náà sínú áàpù báńkì bí ẹni tó fẹ́ sanwó. Tí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà 10 pé, tí ẹ sì mú báńkì tó jẹ́, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á jáde kí kọ́bọ̀ kankan tó kúrò lọ́wọ́ yín. Orúkọ ọkùnrin kan ló jáde, kò sì bá orúkọ ìyá ọmọ tó wà nínú ìwé mu. Èyí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí o. Àbúrò ìyá ọmọ lè ni àkáǹtì. Àmọ́ a tún rí i pé nọ́ńbà 10 yẹn ni nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ní ká pè, wọ́n kàn yọ òdo iwájú kúrò. Báyẹn ni àwọn báńkì orí fóònù kan ṣe ń fúnni ní àkáǹtì. Kò burú, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹni tó máa gba owó náà lẹ ń pè láti bi í bóyá olóòótọ́ ni. Ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò.

Ìkejì ni fọ́tò. WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò kúrò lára rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí a fẹ́ wá níbẹ̀. A fi Google Lens wá a, a ò rí nǹkan gidi. A wá gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fọ́tò kúrò, a yí i padà bí ẹni ń wo dígí, apá òsì di apá ọ̀tún, torí pé àwọn olè máa ń yí i bẹ́ẹ̀ kí a má bàa rí orísun rẹ̀. Ìgbà yẹn ló jáde: ọmọ kan náà, lórí Facebook, láti ọdún méjì sẹ́yìn.

A gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí a ṣe máa ń gbé kóòdù àtijọ́ àti tuntun. Ohun tó yàtọ̀ kò ju èyí lọ:

```
- Account: 01XXXXXXXX
+ Account: 80XXXXXXXX
- Call: 0802XXXXXXX
+ Call: 080XXXXXXXX
```

A pe nọ́ńbà ti àkọ́kọ́. Ìyá ọmọ ló gbé e. A kí i, a ṣàlàyé. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi ti kú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti lé ní ọdún kan. Ṣé wọ́n ṣì ń gbé fọ́tò rẹ̀ kiri ni?" A ò mọ ohun tí a lè sọ ju "Ẹ kú ìrójú, mà" lọ.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Òótọ́ ni ọmọ náà. Òótọ́ ni àìsàn náà. Òótọ́ ni ìwé dókítà tó wà lára fọ́tò. Nọ́ńbà àkáǹtì àti ti fóònù nìkan ni irọ́. Ẹni tó kàn ń bi ara rẹ̀ bóyá ọmọ náà ṣàìsàn ì bá ti sanwó, ọkàn rẹ̀ ì bá sì balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pariwo jìbìtì, ẹ dúró, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ẹ rántí #SaveMayowa, ní oṣù keje ọdún 2016. Èkó yìí náà ni. Àwọn èèyàn ń dáwó jọ fún arábìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ, kó lè lọ gba ìtọ́jú lókè òkun. Lójijì, àwọn tó ń bá wọn polongo pariwo pé jìbìtì ni, ìròyìn gba ìgboro, ọlọ́pàá mú àwọn ẹbí rẹ̀. LUTH wá jẹ́rìí pé aláìsàn àwọn ni lóòótọ́, jẹjẹrẹ náà sì ti wọra. Ó kú sí Johannesburg ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn. Ìbéèrè méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ mọ́ra: ṣé ó ń ṣàìsàn, àti ṣé ètò ìtọ́jú àti owó rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe sọ. Ìyèméjì lórí ìkejì ni wọ́n fi sọ ẹni tó ń kú lọ di olè.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ká má san owó sọ́wọ́ èèyàn, ká san án fún ilé ìwòsàn. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ máa ń gba owó nípasẹ̀ Remita. Ẹ ní kí ẹbí aláìsàn gba RRR, ìyẹn nọ́ńbà 12 tí wọ́n fi ń sanwó. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí Remita, ẹ máa rí ẹni tí owó ń lọ bá àti iye rẹ̀ kí ẹ tó san. Tí kò bá sí RRR, ẹ bèèrè àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Wọ́n lè ní oògùn ni, pé ìta làwọn ti ń rà á. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ sanwó fún ṣọ́ọ̀bù oògùn nígbà náà.

Ẹ má rò pé ẹ lè pe ilé ìwòsàn kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún yín. Òfin ìlera ti ọdún 2014 ò gbà bẹ́ẹ̀, àfi tí aláìsàn tàbí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, kí ẹnì kan bá ẹbí lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ aláìsàn tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá. Láti ọ̀dọ̀ wa níbí, Ìdí-Àràbà ò jìnnà. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa lọ fún gbogbo gúrúùpù.

Wọ́n á ní ọmọ á kú kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Irọ́ ni. Wíwo orúkọ àkáǹtì ò gba ìṣẹ́jú kan. Àwọn mìíràn á ní, "Ọlọ́run ni mo fún, mi ò bìkítà ẹni tó gbà á." Jàre, owó tí ẹ fún olè lẹ ò ní rí fún ọmọ tó kàn. Tí wọ́n bá sì ti lu gúrúùpù ní jìbìtì lẹ́ẹ̀kan, ìyá gidi tó bá dé lẹ́yìn ló máa jẹ ìyà rẹ̀.

Ní gúrúùpù tiwa, a ti ṣòfin. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, kó kọ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, orúkọ tó jáde nígbà tó tẹ àkáǹtì, àti bí a ṣe lè san án fún ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí i, a máa pa á rẹ́. Àwọn kan ti bínú jáde. Kí wọ́n máa lọ. A ò ní dúró de ọjọ́ tí ìyá mìíràn máa tún bi wá bóyá wọ́n ṣì ń gbé fọ́tò ọmọ òun kiri.